Kí olùrà tó ka owó sílẹ̀, kí ó béèrè nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì

Ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọbẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ aṣojú tó wà nítòsí ilé wọn. Aṣojú náà lè ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá ọjà. Ó sì lè jẹ́ ọmọ àdúgbò tó ń fi kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbé fún un kì í ṣe owó kékeré. Owó ìkórè ni nígbà mìíràn, tàbí owó èésú, tàbí owó tí àwọn ẹbí dá jọ. Owó ọwọ́ sì ni. A kà á sórí tábìlì, ó sì di ti ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀.

Kí ni ẹni tó san owó náà mú kúrò níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ a máa mú ìwé kan tí a tẹ orúkọ wọn, ọjọ́ ìrìn-àjò àti wákàtí ọkọ̀ sí. Ìwé náà dára lójú. Ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè wà láìsí tíkẹ́ẹ̀tì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Olùrà lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá gbé ẹrù dé pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá wo kọ̀ǹpútà, tí ó sì sọ pé kò rí orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè gbé ènìyàn wọ ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tó ń fi owó ọwọ́ rajà yìí mọ ìwé tó gbọ́dọ̀ gbà, kí ó sì mọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára ìwé náà.

Àyè tí a fi pamọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì tí a ti rà

Ohun méjì ni aṣojú ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì yẹ kí olùrà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Àkọ́kọ́ ni pé ó ń fi àyè pamọ́. Èyí ni àwọn atatíkẹ́ẹ̀tì ń pè ní rẹsẹfasíọ̀nù. Ó tẹ orúkọ arìnrìn-àjò, ó yan ọjọ́, kọ̀ǹpútà sì fún un ní àmì mẹ́fà tó jẹ́ lẹ́tà nìkan tàbí lẹ́tà àti òǹkà, bíi K7MQ2P. Títí di ibi tí a dé yìí, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kò tíì gba fáráńkì kan.

Ó dà bí ìgbà tí oníbàárà sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé kí ó bá òun fi ẹja ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá náà fi pamọ́, ṣùgbọ́n ẹja ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí oníbàárà kò sì mú owó dé, yóò ta ẹja fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń ṣe. Wọ́n máa ń fi ọjọ́ àti wákàtí sí àyè tí a fi pamọ́. Ó lè jẹ́ wákàtí díẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Bí àkókò náà bá kọjá láìsí owó, kọ̀ǹpútà á pa orúkọ náà rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni pé aṣojú ń mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Ìgbà yìí ni wọ́n ka owó sí ọrùn àjáǹsì tó mú un jáde, ìgbà yìí náà ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú gbà pé òun jẹ arìnrìn-àjò ní gbèsè ìrìn-àjò. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà yìí ní òǹkà 13. Òǹkà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ni tíkẹ́ẹ̀tì: 057 ni ti Air France, 071 ni ti Ethiopian Airlines, 147 sì ni ti Royal Air Maroc. Òǹkà mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti tíkẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀.

Lórí ìwé, a máa ń rí nọ́ńbà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ « Numéro de billet » tàbí « Ticket number ». Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà lè rí i láìsí ìrànlọ́wọ́. Kí ó wá ọ̀rọ̀ náà, kí ó fi ìka tọ òǹkà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kà wọ́n. Bí wọ́n bá pé 13, ó ti rí ohun tó ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé àmì mẹ́fà nìkan ló wà lára ìwé, àyè tí a fi pamọ́ nìkan ni ó mú lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ « Confirmé » tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ ìrìn-àjò kò yí èyí padà, nítorí pé àyè tí a fi pamọ́ láìsan owó náà lè ní ọ̀rọ̀ yìí lára.

Bí owó ṣe ń sọnù lọ́nà

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Kétu, tó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Kasabuláńkà. Aṣojú àdúgbò sọ fún un ní ọjọ́ Ajé pé 430.000 fáráńkì ni owó ọkọ̀, àti pé 15.000 ni owó iṣẹ́ tòun. Obìnrin náà ka 445.000 fáráńkì sílẹ̀. Aṣojú tẹ ìwé kan fún un. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí wà níbẹ̀, àmì mẹ́fà sì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì kò sí. « Ìyá, ẹ má ṣèyọnu, gbogbo rẹ̀ ti parí. » Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ sílé.

Ó lè má jẹ́ pé aṣojú yìí gbèrò láti jalè. Ọ̀pọ̀ aṣojú kékeré kò ní àṣẹ láti mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde fúnra wọn. Àjáǹsì ńlá kan ní Kútọnu, tí ó ní ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé tí à ń pè ní IATA, ni wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi owó ránṣẹ́ sí àjáǹsì náà kí tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde. Nígbà tí owó obìnrin yìí dé, aṣojú ṣì jẹ àjáǹsì ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn. Ó fi owó ìyá náà san gbèsè yẹn, ó sì ní ìrètí pé oníbàárà mìíràn yóò wá lọ́la, kí òun fi owó tirẹ̀ ra ti ìyá náà.

Oníbàárà mìíràn kò wá. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, àkókò àyè tí a fi pamọ́ pé, kọ̀ǹpútà sì pa orúkọ obìnrin náà rẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, owó ọkọ̀ kan náà ti di 510.000 fáráńkì. Aṣojú kò ní 430.000, áńbọ̀sìbọ́sí 510.000. Ojú tì í láti sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin náà wà ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ìwé tí kò ní ohun kankan lẹ́yìn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ní ọjọ́ Ajé ìbá ti gbà á sílẹ̀: « Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì mi dà? » Bí aṣojú bá ní àṣẹ láti mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde níbẹ̀, kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Oníbàárà lè jókòó dè é. Bí kò bá ní àṣẹ, yóò ní láti sọ pé Kútọnu ni yóò ti jáde. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Oníbàárà lè béèrè orúkọ àjáǹsì náà, kí ó pè é lórí fóònù, kí ó sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ń bá aṣojú yìí ṣiṣẹ́. Ó lè san apá kan, kí ó sì san ìyókù nígbà tí nọ́ńbà bá dé lórí fóònù rẹ̀. Ó sì lè gbé owó rẹ̀ lọ sí àjáǹsì náà fúnra rẹ̀, bí owó mọ́tò kò bá ju ohun tó lè gbé lọ.

Àwọn kan ń san owó díẹ̀díẹ̀, oṣù sí oṣù. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé owó ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró lójú kan. Àyè tí a fi pamọ́ kì í sì í dúró de ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀. Kí ìwé tí wọ́n gbà sọ iye tí wọ́n san, iye tó kù, ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò jáde, àti ẹni tí yóò gbé àfikún bí owó ọkọ̀ bá gòkè kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìwé méjì, iṣẹ́ méjì

Nígbà tí gbogbo nǹkan bá parí, ìwé méjì ni ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ olùrà. Èkíní ni ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tó ní òǹkà 13. Ó ń jẹ́rìí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí owó tí àwọn kan ń pè ní resú. Ó ń jẹ́rìí lòdì sí aṣojú tó gba owó. Ẹni tó ní èkíní láìní èkejì lè wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ìrìn-àjò bá yẹ̀, kò ní ohun tó lè fi gba owó rẹ̀ padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, tíkẹ́ẹ̀tì tí a rà lọ́wọ́ àjáǹsì, àjáǹsì kan náà ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń dá owó rẹ̀ padà fún. Àjáǹsì yìí ni ó yẹ kí ó dá a padà fún olùrà. Bí olùrà kò bá mọ orúkọ àjáǹsì tó mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ta ni yóò bi?

Ìwé ẹ̀rí owó gbọ́dọ̀ ní orúkọ àjáǹsì àti àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí a san owó, orúkọ ẹni tó san, àti iye owó náà ní òǹkà àti ní ọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí owó náà wà fún: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wo, ti ọjọ́ wo, ti ta ni. Kí ẹni tó gba owó kọ orúkọ ara rẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì tẹ òǹtẹ̀ àjáǹsì lé e. Nọ́ńbà fóònù nìkan kì í ṣe orúkọ, nítorí pé a lè pa fóònù. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òfin owó-orí sọ pé kí oníṣòwò fún oníbàárà ní ìwé owó tí à ń pè ní « facture normalisée ». Àwòrán onígun mẹ́rin dúdú àti funfun tí fóònù lè kà máa ń wà lára rẹ̀. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀.

Kí olùrà tún fi ìwé méjèèjì wé ara wọn. Iye tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì àti iye tó san lè yàtọ̀ díẹ̀, nítorí owó iṣẹ́ àjáǹsì. Nínú àpẹẹrẹ ìyá aláṣọ, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 15.000 fáráńkì. Kí ìwé ẹ̀rí owó yà á sọ́tọ̀: 430.000 fún ọkọ̀, 15.000 fún iṣẹ́. Bí ìwé ẹ̀rí owó bá sọ pé 445.000, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì sọ pé 360.000, ìbéèrè wà níbẹ̀, kí a sì béèrè rẹ̀ ní orí ìjókòó náà.

Ìlà mìíràn wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Òun ni ìlà tó sọ bí a ṣe san owó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ « Mode de paiement » tàbí « Form of payment ». Bí àjáǹsì bá gba owó ọwọ́, a sábà máa ń rí « CASH » tàbí « ESPÈCES » níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà « CC » àti òǹkà káàdì báńkì ni a rí, kí olùrà béèrè káàdì ta ni. Ó lè jẹ́ káàdì aṣojú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì kan wà tí ń fi káàdì tí a jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń gba owó ọwọ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì irú èyí jẹ́ òótọ́ ní ọjọ́ tí a rà á. Nígbà tí oníkáàdì bá ké, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú á fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ a tún sọ pé kí arìnrìn-àjò fi káàdì náà han àwọn kó tó wọlé. Bí aṣojú kò bá lè ṣàlàyé káàdì náà kedere, kí owó má kúrò lọ́wọ́ olùrà.

Kí ó tó fi orí ìjókòó sílẹ̀, kí ó ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ inú rẹ̀ wé ti tíkẹ́ẹ̀tì ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Àtúnṣe orúkọ lè gba owó mìíràn lẹ́yìn tí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti jáde. Ní ọjọ́ náà gan-an, ó rọrùn fún àjáǹsì láti tún un ṣe.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì

Nọ́ńbà tó pé 13 lórí ìwé lè jẹ́ èyí tí a kàn tẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, kí olùrà gbọ́ ọ láti ẹnu ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Kútọnu tàbí kí ó pè wọ́n, kí ó ka nọ́ńbà náà fún wọn, kí ó sì bi wọ́n pé: « Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì yìí ti jáde, ṣé ó sì ṣì wà láàyè? » Bí ó bá kàn béèrè pé ṣé orúkọ òun wà níbẹ̀, wọ́n lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé àyè tí a fi pamọ́ ni wọ́n ń wò. Kí ó wá nọ́ńbà fóònù wọn fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe lo èyí tí aṣojú kọ fún un. Ọ̀nà kejì ni kí ó ṣí ojú ìwé ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù, tàbí kí ọmọ rẹ̀ bá a ṣí i, kí ó wá ibi tí a kọ « Mes réservations » tàbí irú rẹ̀ sí, kí ó tẹ àmì mẹ́fà àti orúkọ ìdílé rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì jáde pẹ̀lú.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí a ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọjọ́ kejì tí a rà á. Àjáǹsì tó mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde lè fagi lé e ní ọjọ́ kan náà láìsan ohunkóhun, bí ẹni pé kò wáyé rí. Aṣojú aláìṣòótọ́ lè fi nọ́ńbà han oníbàárà ní òwúrọ̀, kí ó sì pa á rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà kejì ni ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé dá owó rẹ̀ padà, àjáǹsì lè dá a padà lẹ́yìn olùrà, kí owó sì bọ́ sí àpò rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ṣì kù, àyè wà láti jà.

Kí olùrà sì pa àmì mẹ́fà náà mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, tó sì mọ orúkọ ìdílé arìnrìn-àjò, lè wọ inú ìwé rẹ̀ lórí fóònù kí ó sì yí nǹkan padà. Fífi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́ láti fi yọ̀ jẹ́ fífi kọ́kọ́rọ́ ilé ránṣẹ́ sí wọn.

Ojúṣe àwọn tó ń tà

Àwọn kan máa ń sọ pé béèrè-béèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ àìfọkàntán ọmọ àdúgbò ẹni. Aṣojú tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kò pàdánù ohunkóhun bí ó bá kọ ìwé. Ìwé yìí ń dáàbò bo òun náà ní ọjọ́ tí oníbàárà bá sọ pé òun san ju iye tí òun san lọ. Ẹni tí ìbéèrè ń bí nínú ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Kí gbogbo ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ sí ara ògiri bóyá òun ní àṣẹ láti mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde, tàbí orúkọ àjáǹsì tí ń mú un jáde fún òun. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó wà ní Kútọnu ní ẹni tó gbọ́ Yorùbá lórí fóònù wọn, kí ìyá tó wà ní Kétu lè béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí ògbufọ̀.

Bí ọ̀ràn bá sì ti bàjẹ́, kí olùrà má ṣe jẹ́ kí « ẹ padà wá lọ́la » gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Kí ó kó ìwé méjèèjì, kí ó mú àdàkọ wọn, kí ó sì lọ fi ẹjọ́ sùn ní ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí aṣojú ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí owó, ìbéèrè tí ọlọ́pàá yóò bi aṣojú ni pé níbo ni owó wà. Ẹni tí kò ní ìwé, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bi pé ta ló rí i nígbà tó san án.